Ta Ló Ni Owó Inú Àpótí? Àlàyé Lórí Àtúnṣe Ìwé Owó ní Ìparí Ọdún

Bí ọdún bá ti ń rẹ̀wẹ̀sì, ìṣirò kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Fìdítì, ní Ìlọrà àti ní àwọn ìlú Afijió yòókù máa ń ṣe. Wọ́n á ka owó tó wà nílé, wọ́n á fi ti báǹkì kún un, ohun tí wọ́n bá sì bá níbẹ̀ ni wọ́n á pè ní èrè. Kò sí irọ́ nínú ìṣirò yìí, nítorí owó tí wọ́n kà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀ ni pé ó sọ iye owó tó wà nínú àpótí, kò sì sọ ẹni tó ni ín. Apá kan owó náà lè jẹ́ ti òṣìṣẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ tí a kò tíì sanwó fún. Apá kan lè jẹ́ ti oníbàárà tó ti sanwó tí a kò tíì ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó kan lè ti kúrò nínú àpótí, kí ó ti bọ́ sọ́wọ́ onílé, síbẹ̀ kí oníṣòwò ṣì ní oṣù púpọ̀ láti jẹ lórí rẹ̀.

Àtúnṣe tí àwọn akáńtáǹtì máa ń ṣe sínú ìwé ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún ló ń yanjú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni, tàbí pé ọ̀nà láti fi ìwé ṣe ẹ̀tàn ni. Èrò tèmi ni pé oníṣòwò kékeré ló nílò rẹ̀ jù, nítorí òun ni owó oníbàárà àti owó ara rẹ̀ máa ń wà nínú àpótí kan náà.

Ọjọ́ tí owó rìn, ọjọ́ tí iṣẹ́ ṣẹlẹ̀

Àwọn àgbẹ̀ wa mọ ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí kí ìwé tó dé, nínú àáró. Bí ẹgbẹ́ aláàáró bá ti wá roko fún ẹnì kan lónìí, onítọ̀hún ti jẹ gbèsè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́bọ̀ kan kò yí ọwọ́ padà. Kò ní í sinmi nínú gbèsè náà títí yóò fi lọ ro oko ti àwọn yòókù. Ẹni tó sì ti lọ ro oko gbogbo wọn tí kò tíì kan òun ní ohun kan lọ́wọ́ wọn, bí kò tilẹ̀ sí ohun tó lè nawọ́ mú. Iṣẹ́ ló ń dá gbèsè sílẹ̀, iṣẹ́ náà ló sì ń pa á rẹ́. Ọjọ́ tí owó bá rìn jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀.

Ohun tí ìwé òǹkà owó fi kún èyí ni pé gbogbo àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ojú méjì, apá òsì tí àwọn akáńtáǹtì ń pè ní dẹ́bíìtì, àti apá ọ̀tún tí wọ́n ń pè ní kírẹ́díìtì. Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Ítálì ti ń lo ọ̀nà yìí kí Luca Pacioli tó tẹ àlàyé rẹ̀ jáde nínú ìwé ní ìlú Fẹ́níìsì lọ́dún 1494. Apá òsì ni dúkìá àti ìnáwó máa ń pọ̀ sí. Apá ọ̀tún ni gbèsè àti owó tí a ṣiṣẹ́ fún máa ń pọ̀ sí. Òfin kan wà tí yóò ran ẹni tó ń ka àlàyé yìí lọ́wọ́: àtúnṣe ìparí ọdún fún owó ilé, ọ̀yà àti àsansílẹ̀ oníbàárà kì í fọwọ́ kan àkáǹtì owó rárá. Ojú kan rẹ̀ máa ń wà nínú ìwé èrè àti òfò, ojú kejì á wà nínú ìwé dúkìá àti gbèsè, èyí tí wọ́n ń pè ní bálánsì ṣíìtì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní àtúnṣe irú èyí lòun ń ṣe tí ẹ sì rí i tó ń yọ owó kúrò nínú àkáǹtì báǹkì, ẹ dá a dúró kó ṣàlàyé.

Oníṣòwò kánópì kan

Ká mú àpẹẹrẹ kan tí a lè tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká ní ẹnì kan gba ṣọ́ọ̀bù àti yàrá ìkẹ́rùsí ní Ìlọrà, lẹ́bàá ọ̀nà àtijọ́ tó ti Ìbàdàn gba Fìdítì lọ sí Ọ̀yọ́, ó sì ń fi kánópì, àga, tábìlì àti kúlà yáni fún ayẹyẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025, ó sì yan ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá gẹ́gẹ́ bí òpin ọdún ìṣirò rẹ̀. Kánópì àti àga náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí aṣọ wọn ṣe ń gbó tí irin wọn sì ń dípẹtà ní ìṣirò tirẹ̀, n kò ní í fi kún èyí.

Láàárín oṣù mẹ́rin náà, ₦2,400,000 wọlé láti ọwọ́ àwọn oníbàárà. Ó san ₦960,000 fún onílé, ó san ₦816,000 fún àwọn òṣìṣẹ́, ó sì ná ₦224,000 lórí epo àti ọkọ̀. Gbogbo ohun tó jáde jẹ́ ₦2,000,000. Owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún jẹ́ ₦400,000. Bí ó bá tẹ̀ lé ìṣirò àpótí, èrè rẹ̀ nìyẹn.

Owó ṣọ́ọ̀bù tí a ti san sílẹ̀

Ní ọ̀dọ̀ wa, onílé kì í sábà gba owó oṣù kọ̀ọ̀kan. Ọdún kan tàbí méjì ló máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún méjì ni oníṣòwò wa san. Bí a bá pín ₦960,000 sí oṣù 24, oṣù kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦40,000. Láti oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Kejìlá, oṣù mẹ́rin ló ti lò, ìyẹn ₦160,000. Ogún oṣù ló kù, ₦800,000 sì ni iye wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ tó sanwó ló ti kọ gbogbo rẹ̀ sí ìnáwó owó ilé, àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ó kọ ₦800,000 sí apá òsì àkáǹtì owó ilé àsansílẹ̀, kí ó sì kọ iye kan náà sí apá ọ̀tún àkáǹtì ìnáwó owó ilé. Ìnáwó ọdún 2025 yóò wá kù sí ₦160,000, àsansílẹ̀ náà yóò sì dúró láàárín àwọn dúkìá.

Àwọn kan máa ń béèrè bí owó tó ti lọ ṣe lè jẹ́ dúkìá. Owó náà ti lọ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀tọ́ láti lo ilé fún ogún oṣù kò tíì lọ. Ohun tí a kọ sílẹ̀ bí dúkìá ni ẹ̀tọ́ yẹn. Nínú rẹ̀, ₦480,000 jẹ́ ti ọdún tó ń bọ̀, ₦320,000 sì jẹ́ ti oṣù mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e. Ó dára kí bálánsì ṣíìtì ya méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí ẹni tó fẹ́ yá oníṣòwò náà lówó á fẹ́ mọ èyí tí kò ní í ju oṣù méjìlá lọ.

Ibi tí àṣìṣe ti máa ń wọlé ni àpapọ̀ owó tí onílé tàbí ejẹ́ńtì gbà. Bí owó kọ́ṣọ̀n tí onílé máa dá padà bá wà nínú rẹ̀, kì í ṣe owó ilé, a kò sì gbọ́dọ̀ pín in sí oṣù 24. Owó oníṣòwò tó wà lọ́wọ́ onílé ni, ibẹ̀ náà ni kí ìwé fi í sí títí ọjọ́ tí yóò kó jáde. Ìwé àdéhùn ilé ló ń fi èyí hàn, kò yẹ kí a ṣírò rẹ̀ látorí ìrántí. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ pé ìlànà IFRS 16, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2019, ti fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní ọ̀nà mìíràn láti kọ ilé tí wọ́n gbà ju oṣù méjìlá lọ. Ìlànà ti àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré kò gba ọ̀nà yẹn. Pípín iye owó sí oṣù dọ́gbadọ́gba ló ṣì wà fún irú oníṣòwò tí à ń sọ yìí.

Ọ̀yà tí a ti jẹ

Òṣìṣẹ́ méjì ló ní, ₦4,000 lóòjọ́ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ Àbámẹ́ta ló sì ń sanwó fún wọn. Ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ ₦48,000. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn tí ó sanwó nínú ọdún 2025 bọ́ sí ọjọ́ 27, oṣù Kejìlá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 29, 30 àti 31. Ọjọ́ mẹ́ta yìí jẹ́ ₦24,000, ọdún 2025 ló sì ni ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ 3, oṣù Kìíní, 2026 ni owó yóò tó jáde. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: ₦24,000 sí apá òsì àkáǹtì ọ̀yà, ₦24,000 sí apá ọ̀tún àkáǹtì ọ̀yà àjẹsílẹ̀. Ọ̀yà ọdún náà á wá di ₦840,000.

Ìwé tí wọ́n fi ń máàkì òṣìṣẹ́ ló ń jẹ́rìí sí èyí. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ lórí rẹ̀ ni pé ₦24,000 kéré jù láti fi da ara ẹni láàmú. Fún oníṣòwò yìí, mo lè gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ iye tó bá kéré fún òṣìṣẹ́ méjì lè pọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó ní tíṣà ogún, tó sì jẹ́ pé inú oṣù Kìíní ni wọ́n ti ń san owó oṣù Kejìlá. Níbẹ̀, odindi oṣù kan ni ìwé yóò fò dá, èrè yóò sì dà bí ohun tó pọ̀ nígbà tí kò pọ̀.

Owó oníbàárà tí a kò tíì ṣiṣẹ́ rẹ̀

Èyí ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí níbí ni ìṣirò àpótí ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Nínú ₦2,400,000 tó wọlé, ₦300,000 wá láti ọwọ́ ẹbí kan tó sanwó tán ní oṣù Kọkànlá fún ìgbéyàwó tí yóò wáyé ní oṣù Kejì ọdún 2026. ₦250,000 mìíràn jẹ́ ìdajì owó ayẹyẹ kan tí wọ́n fi sí ọjọ́ Àjíǹde, ọjọ́ 5, oṣù Kẹrin, 2026. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦550,000. Títí ilẹ̀ fi ṣú ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, kò tíì gbé kánópì kan jáde nítorí àwọn èèyàn yìí. Àtúnṣe rẹ̀ ni ₦550,000 sí apá òsì àkáǹtì owó tó wọlé, láti dín in kù, àti ₦550,000 sí apá ọ̀tún àkáǹtì àsansílẹ̀ oníbàárà, tó jẹ́ gbèsè. Owó iṣẹ́ tó ṣe gan-an ní ọdún 2025 á wá di ₦1,850,000.

Orúkọ tí àkáǹtì yìí ń jẹ́ máa ń ṣi àwọn tó ń kọ́ ìṣirò lọ́nà. Wọ́n rí ọ̀rọ̀ owó wíwọlé nínú orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gbé e sí ìwé èrè. Kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀. Gbèsè ni, irú ti aláàáró tí wọ́n ti ro oko rẹ̀: a kì í fi owó san án bí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa, iṣẹ́ la fi ń san án.

Àtakò tó lágbára jù sí èyí ni ti rísíìtì. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kánópì, agbàlejò àti onígbọ̀ngàn máa ń tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ rísíìtì wọn pé owó tí a bá ti san kò ṣeé gbà padà. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí oníbàárà kò lè gbà á mọ́, ó ti di tàwọn. Ọ̀rọ̀ náà dún bí òtítọ́, ṣùgbọ́n ohun méjì ló pa pọ̀. Pé oníbàárà kò lè gba owó padà kò sọ pé kò lè béèrè kánópì rẹ̀. Bí ọjọ́ ìgbéyàwó bá pé tí kánópì kò yọjú, rísíìtì yẹn kò ní í gba oníṣòwò lọ́wọ́ ẹbí ìyàwó. Ìlànà IFRS 15, tó ń darí ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá láti ọdún 2018, sọ ohun kan náà: owó tí a gbà ṣáájú jẹ́ gbèsè títí a ó fi ṣe iṣẹ́ tí a ṣèlérí, ìbáà ṣeé dá padà tàbí kò ṣeé dá padà. Bí oníbàárà bá fúnra rẹ̀ fagi lé ayẹyẹ, tí àdéhùn sì sọ pé kò ní gbowó mọ́, ọjọ́ tó fagi lé e ni gbèsè náà kú, ọjọ́ náà ni owó di ti oníṣòwò. Ó lè má jẹ́ ọdún tí owó wọlé.

Èrè pọ̀ ju owó lọ

Ẹ jẹ́ ká wá to gbogbo rẹ̀ pọ̀. Owó iṣẹ́ jẹ́ ₦1,850,000. Ìnáwó jẹ́ ₦160,000 fún ilé, ₦840,000 fún ọ̀yà, ₦224,000 fún epo àti ọkọ̀, àpapọ̀ ₦1,224,000. Èrè oṣù mẹ́rin náà jẹ́ ₦626,000, kì í ṣe ₦400,000 tí àpótí sọ. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lè gba ẹ̀gbẹ́ kejì: owó lọ́wọ́ ₦400,000 àti ilé àsansílẹ̀ ₦800,000 jẹ́ ₦1,200,000, ẹ yọ gbèsè ọ̀yà ₦24,000 àti gbèsè oníbàárà ₦550,000 kúrò, ₦626,000 ló kù. Bí ọ̀nà méjèèjì kò bá dé ibì kan náà, a ti gbàgbé ojú kan nínú àkọsílẹ̀ kan.

Oníṣòwò tó gbọ́ èyí lè yọ̀ pé òun jèrè ju bí òun ṣe rò lọ. Ó jèrè lóòótọ́. Àmọ́ kí ó wo àpótí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. ₦400,000 ló wà níbẹ̀, oníbàárà sì ní iṣẹ́ ₦550,000 lọ́rùn rẹ̀. Gbogbo owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹyọ kan nínú rẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹni tó ń retí kánópì. Èrè tirẹ̀ wà nínú ògiri ṣọ́ọ̀bù, ní ìrísí ogún oṣù tó ti san. Bí ó bá ná ₦400,000 yẹn fún ọdún tuntun torí pé ó jẹ́ èrè, epo tí yóò fi gbé kánópì lọ síbi ìgbéyàwó oṣù Kejì ni yóò yá owó rà. Ìwé àpótí kò lè sọ èyí fún un. Ìwé tí a tún ṣe sọ ọ́ ní ìlà mẹ́ta.

Àwọn kan á ní kò burú, ọdún tó ń bọ̀ yóò mú un dọ́gba. Òótọ́ ni pé bí iṣẹ́ bá pẹ́ tó, àpapọ̀ èrè ọdún púpọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, yálà a ṣe àtúnṣe tàbí a kò ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ jọ dá owó kò ní dúró dé ọdún mẹ́wàá kí ó tó gba ìpín rẹ̀; ìpín ọdún kan ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń yáni lówó àti ọ́fíìsì owó orí náà, ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wò.

Àtakò mìíràn ni pé àtúnṣe ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀tàn. N kò lè sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí àwọn ayánilówó rò pé iṣẹ́ òun ń lọ lè fi àsansílẹ̀ oníbàárà sílẹ̀ nínú owó tó wọlé. Ẹni tó fẹ́ fi èrè pamọ́ lè pe owó iṣẹ́ tó ti ṣe tán ní àsansílẹ̀. Ohun tó ń dí ọ̀nà náà ni pé àtúnṣe kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìwé tí ẹlòmíràn lè kà: àdéhùn onílé, ìwé máàkì òṣìṣẹ́, rísíìtì tí ọjọ́ ayẹyẹ wà lórí rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kọ. Wọ́n ń kọ ọjọ́ tí wọ́n gbowó, wọn kì í kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò wáyé, ní ìparí ọdún kò wá sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ya owó iṣẹ́ àti àsansílẹ̀ sọ́tọ̀.

Nígbà tí ọdún tuntun bá dé

Iṣẹ́ kò parí ní alẹ́ ọjọ́ 31. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kìíní, oníṣòwò yóò san ₦48,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, bí a bá gbà pé ó ń sanwó ìsinmi ọdún tuntun fún wọn. ₦24,000 nínú rẹ̀ ń pa gbèsè ọdún tó kọjá rẹ́, ₦24,000 yòókù nìkan ni ọ̀yà ọdún 2026. Bí akọ̀wé bá gbàgbé tó sì kọ gbogbo ₦48,000 sí ọ̀yà, a ti ka ọjọ́ mẹ́ta náà lẹ́ẹ̀mejì, ní 2025 àti ní 2026. Nítorí èyí ni àwọn akáńtáǹtì kan ṣe máa ń yí àtúnṣe ọ̀yà padà ní ọjọ́ kìíní ọdún, kí owó tó bá jáde lè bára mu láìsí ìrònú púpọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n gbàgbé, ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀yà àjẹsílẹ̀ ní àárín oṣù Kìíní. Òdo ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ₦24,000 bá ṣì jókòó síbẹ̀, ìwé ń sọ pé ẹ ṣì jẹ gbèsè àwọn tí ẹ ti sanwó fún.

Ti oníbàárà kò ṣeé yí padà báyìí, nítorí ọjọ́ kìíní ọdún kọ́ ni a ṣiṣẹ́ wọn. Ọjọ́ tí kánópì ìgbéyàwó bá ti dúró tán ni ₦300,000 yóò kúrò nínú gbèsè bọ́ sínú owó iṣẹ́. Ti ọjọ́ Àjíǹde yóò tẹ̀ lé e pẹ̀lú ₦250,000, owó tó bá sì gbà lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ náà yóò gba inú owó iṣẹ́ lọ tààrà. Ní ti ilé, oṣooṣù ni ₦40,000 ń kúrò lára àsansílẹ̀. Ní ìparí 2026, ₦320,000 ló yẹ kó kù níbẹ̀; ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, 2027, kò yẹ kí ohunkóhun kù. Àsansílẹ̀ ilé tí iye rẹ̀ kò yí padà láti ọdún kan sí èkejì ni àmì tó yára jù pé wọ́n kàn ń da ìwé ọdún tó kọjá kọ ni.